Owó Tó Wọ Báǹkì àti Ọjà Tó Jáde: Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí Owó-Orí Lórí Òwò Kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Nígbà tí òṣìṣẹ́ owó-orí bá jókòó ti ìwé oníṣòwò kòkó kan ní Ìlórò-Èkìtì, ìwé méjì ló máa ń wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan ni ìwé ìkéde tí oníṣòwò fúnra rẹ̀ kọ, tó fi sọ iye ọjà tí òun tà láti oṣù kìíní sí oṣù kejìlá. Èkejì ni sítétímẹ́ǹtì báǹkì, tó to gbogbo owó tó wọ àkáǹtì rẹ̀ láàrin ọdún kan náà. Ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn méjèèjì bára mu. Oníṣòwò lè kọ mílíọ̀nù 18, kí báǹkì ka iye tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Òṣìṣẹ́ á ní owó tí ẹnikẹ́ni kò bá lè ṣàlàyé, ọjà tí a tà tí a kò kéde ni. Oníṣòwò á ní owó olówó ló gba ọwọ́ òun kọjá. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, báǹkì sì jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo nínú ẹjọ́ yìí. Ó mọ iye owó, ó mọ ọjọ́ tó wọlé, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí owó náà wá ṣe. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí dúró lé ni pé a kò lè fi ìṣirò owó nìkan mọ iye ọjà tí ènìyàn tà. Ọjà fúnra rẹ̀, ní kílò àti ní àpò, gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kí ẹnikẹ́ni tó pe owó tí kò ní àlàyé ní ọjà títà.

Ìdí tí ìyàtọ̀ náà fi máa ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ wà nínú bí òwò kòkó ṣe ń lọ. Títí di 1986, Bọ́ọ̀dù ìjọba ló ń ra kòkó, iye tí wọ́n ń rà á sì wà ní kíkéde fún gbogbo ayé. Nígbà tí ìjọba tú Bọ́ọ̀dù náà ká lọ́dún yẹn, ọwọ́ àwọn oníṣòwò aládàáni ni òwò náà bọ́ sí. Àwọn tó ń fi kòkó ránṣẹ́ sí òkè òkun kì í wọ oko ní Ìlórò, Ìpotì tàbí Òkèmẹ̀sí. Láti Àkúrẹ́, Ondó tàbí Ìbàdàn ni wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́ ṣáájú sí ẹni tó mọ àwọn àgbẹ̀, ẹni náà ló ń ra kòkó, tó ń tún un sá bí kò bá gbẹ, tó ń dì í sínú àpò, tó sì ń kó o sọ́kọ̀. Mílíọ̀nù mẹ́wàá lè wọ àkáǹtì rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, kó tó di ọjọ́ Ẹtì ó ti pín in tán fún àgbẹ̀ ogún. Lójú báǹkì, mílíọ̀nù mẹ́wàá ló wọlé. Ní ti ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀, ó lè má ju owó iṣẹ́ orí kílò lọ. Bí owó kòkó ṣe wá fò sókè tún mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tọ́ọ̀nù kan kò tíì pé 3,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kẹta 2024, ó ti kọjá 10,000. Ẹni tó ń ra ọgọ́rùn-ún àpò tẹ́lẹ̀, tó sì tún ra ọgọ́rùn-ún àpò náà, á rí i pé owó tó gba àkáǹtì rẹ̀ kọjá ti di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, láìjẹ́ pé òwò rẹ̀ fẹ̀ sí i ní ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká wo agbára tí òfin fún òṣìṣẹ́. Fún ẹni tó ń ṣòwò lórúkọ ara rẹ̀ tó sì ń gbé Èkìtì, ilé-iṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ tó wà ní Adó ló ni í. Bó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì tó forúkọ sílẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Òfin owó-orí ẹnikọ̀ọ̀kan tí a ń lò títí di òpin 2025 gbà kí òṣìṣẹ́ béèrè ìwé àkáǹtì lọ́wọ́ báǹkì. Bí kò bá gba ìkéde oníṣòwò gbọ́, ó lè fi òye tirẹ̀ bu iye tó rò pé ó tọ́. Ó lè padà sẹ́yìn títí dé ọdún mẹ́fà, bó bá sì jẹ́ ẹ̀tàn, kò sí ọdún tí kò lè padà sí. Ẹni tí wọ́n bu owó fún ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti kọ àtakò rẹ̀, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé iye náà pọ̀ jù. Àwọn òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 26 oṣù kẹfà 2025 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, ṣùgbọ́n àwọn ọdún tó ti kọjá ṣì ń bọ̀ lọ́nà láti wá dúró níwájú òṣìṣẹ́. Nítorí náà, bí oníṣòwò bá dákẹ́, òye òṣìṣẹ́ ló máa dúró. Òye yẹn náà ní ìlànà tirẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ní ìdí tí a lè fi ojú rí, kì í ṣe pé kí òṣìṣẹ́ ro gbogbo owó tó wọlé pọ̀ kó sì pè é ní ọjà.

A ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fo ìlànà yìí. Ní 2018, lábẹ́ Babatunde Fowler, ilé-iṣẹ́ owó-orí ìjọba àpapọ̀ wo àwọn kọ́ńpìnnì tí owó tó ń wọ àkáǹtì wọn lọ́dún ju bílíọ̀nù kan náírà lọ, tí wọn kò sì san owó-orí tó bá a mu. Wọ́n fi owó tó wọ báǹkì ṣe òṣùwọ̀n ọjà títà, wọ́n ní kí báǹkì di àwọn àkáǹtì náà mú, kí ó sì yọ owó-orí nínú wọn. Òfin gbà kí ilé-iṣẹ́ náà sọ báǹkì di aṣojú tó ń bá a gba owó-orí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n dì mú ni a kò tíì bu owó kankan fún. Ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò Ama Etuwewe gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Warri, ní 2019 ilé-ẹjọ́ náà sì dá a pé a kò lè di àkáǹtì ẹni tí a kò tíì bu owó-orí fún ní ìlànà òfin. Ìdájọ́ náà kò sọ pé sítétímẹ́ǹtì báǹkì kò wúlò. Ohun tó kọ́ wa ni ètò: ìwé báǹkì ni ìbẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, ìdáhùn ṣì ń bẹ níwájú, gbígba owó sì tún wà lẹ́yìn ìdáhùn. Ẹni tó bá gbé ìkẹta ṣáájú ìkíní ti da ilé rú.

Ilé-ẹjọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ti bá ìbéèrè kan náà jà fún nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún. Nínú ẹjọ́ Gleckman ní 1935, tó kan ọ̀gbẹ́ni kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota tó kó ọrọ̀ jọ nígbà tí òfin ka ọtí léèwọ̀, ilé-ẹjọ́ gbà pé kí owó wà ní báǹkì nìkan kò tó láti fi hàn pé owó-iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá hàn pé ẹni náà ń ṣòwò, pé ó ń fi owó sí báǹkì léraléra bí oníṣòwò ṣe ń ṣe, a lè gbà pé inú òwò náà ni owó ti ń wá, àfi bó bá mú àlàyé mìíràn wá. Ní 1954, nínú ẹjọ́ Holland, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fi ìdajì kejì kún un: bí ẹni tí a ń wádìí bá sọ ibi tí owó ti wá, tí ọ̀nà àtiyẹ̀ ẹ́ wò sì wà, ìjọba gbọ́dọ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹjọ́ ọ̀daràn ni méjèèjì, òfin wọn kò sì de Èkìtì, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú wọn bá ohun tó tọ́ mu níbikíbi. Ẹni tí owó wọ ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní láti sọ̀rọ̀. Bó bá ti sọ̀rọ̀ tó ṣe é wádìí, ẹrù náà ti kúrò ní orí rẹ̀, ó ti bọ́ sí orí ẹni tó ń wádìí.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò náà gan-an, pẹ̀lú àpẹẹrẹ tí a fi nọ́ńbà gbé kalẹ̀, tí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. Oníṣòwò kan ní Ìlórò kéde mílíọ̀nù 18 náírà fún ọdún 2024. Àkáǹtì méjì ló ní, ọ̀kan fún òwò, ọ̀kan fún ilé, owó tó sì wọ méjèèjì jẹ́ mílíọ̀nù 74.6. Ohun àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ṣe ni pé kó yọ owó tí báǹkì kà ṣùgbọ́n tí kò lè jẹ́ ọjà láéláé. Mílíọ̀nù 9 jẹ́ owó tí oníṣòwò fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì òwò sí ti ilé. Náírà kan náà ni báǹkì kà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹ̀rún 600 jẹ́ owó tó fẹ́ fi ránṣẹ́ tí kò lọ, tí báǹkì dá padà. Mílíọ̀nù 3 jẹ́ ẹ̀yáwó láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ìwé ẹ̀yáwó àti ìwé ìsanpadà sì wà. Mílíọ̀nù 1.4 ni ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti fi kan òrùlé, pẹ̀lú orúkọ ọmọ náà lórí álàátì. Gbogbo èyí jẹ́ mílíọ̀nù 14. Ohun tó kù ni mílíọ̀nù 60.6. Nínú rẹ̀, mílíọ̀nù 40 ti ọ̀dọ̀ oníṣòwò ńlá kan ní Àkúrẹ́ wá fún kòkó rírà, mílíọ̀nù 14 sì jẹ́ owó kòkó tí oníṣòwò wa fúnra rẹ̀ tà. Mílíọ̀nù 6.6 ló kù tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń dúró: òṣìṣẹ́ á ju mílíọ̀nù 6.6 náà lé orí ìkéde, á kọ ìwé, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n a kò tíì gbọ́ ẹnu ọjà. Àpò kòkó kan máa ń tó kílò 62 àti ààbọ̀, àpò 16 ló sì ń pé tọ́ọ̀nù kan. Kòkó kò gbọdọ̀ kúrò ní ìpínlẹ̀ láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìrè-oko wò ti gún àpò rẹ̀, tó ti wo bó ṣe gbẹ tó, tó sì ti fi èdìdì dè é, kí ó tó kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Ìwé yẹn kò mọ báǹkì, kò sì sí nínú àríyànjiyàn owó-orí nígbà tí a kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹlẹ́rìí tó dára. Oníṣòwò Àkúrẹ́ gba àpò 80, èyí tó jẹ́ tọ́ọ̀nù 5, iye tí wọ́n sì fi ṣe àdéhùn jẹ́ 8,000 náírà lórí kílò, 7,750 fún àgbẹ̀ àti 250 fún ẹni tó bá a rà á. Èyí bá mílíọ̀nù 40 mu géérégé. Kòkó tí oníṣòwò wa tà fún ara rẹ̀ jẹ́ àpò 40, ní 7,200 lórí kílò, èyí sì jẹ́ mílíọ̀nù 18, mílíọ̀nù 14 ní báǹkì àti mílíọ̀nù 4 tó gbà lọ́wọ́, tó fi san owó àwọn lébìrà àti ti ọkọ̀ láìjẹ́ pé ó gba báǹkì kọjá. Nítorí náà, àpò 120 ló yẹ kó wà nínú ìwé ayẹ̀wò. Àpò 126 ló wà níbẹ̀.

Àpò mẹ́fà tó lé yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà. Kílò 375 ni wọ́n, ní 7,200 wọ́n jẹ́ mílíọ̀nù 2.7 náírà, bí a bá sì wo sítétímẹ́ǹtì, a ó rí i pé owó tó tó bẹ́ẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ láàrin oṣù kọkànlá, nígbà tí kòkó ńlá ń wọlé láti oko. Owó àti ọjà ti pàdé. Ọjà tí a tà tí a kò kéde ni, oníṣòwò kò sì ní àwíjàre níbẹ̀. Ó ku mílíọ̀nù 3.9 tí kò ní àpò kankan lẹ́yìn. Nínú rẹ̀, mílíọ̀nù 2.5 wọlé díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, iye kan náà sì jáde ní oṣù kejìlá sí orúkọ ènìyàn mẹ́rìnlá. Àjọ ni, oníṣòwò ló ń bá àwọn àgbẹ̀ tọ́jú rẹ̀, ìwé àjọ sì wà pẹ̀lú àtẹ̀ka. Ó wá ku mílíọ̀nù 1.4, owó lọ́wọ́ tó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní oṣù kẹjọ, nígbà tí kòkó kò pọ̀ lọ́jà. Kò sí ìwé, kò sí orúkọ, oníṣòwò kò sì rántí. Èyí nìkan ni owó tí kò ní àlàyé ní tòótọ́, òṣìṣẹ́ sì ní ẹ̀tọ́ láti fi kún ìkéde. Bí a bá wá ro ó pọ̀, mílíọ̀nù 18 tó kéde, mílíọ̀nù 1.25 owó iṣẹ́ tó jẹ lórí kòkó Àkúrẹ́ tí kò kéde, mílíọ̀nù 2.7 àti mílíọ̀nù 1.4, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 23.35. Oníṣòwò fi mílíọ̀nù 5.35 pamọ́ tàbí ó gbàgbé wọn. Òṣìṣẹ́ tó bá fi báǹkì nìkan ṣe ìdájọ́ ti fẹ́ fi ju mílíọ̀nù 50 lé e lórí.

Ẹnì kan lè sọ pé mílíọ̀nù 40 tó ti Àkúrẹ́ wá kò yẹ kó rọrùn bẹ́ẹ̀ láti yọ. Òótọ́ ni, ibẹ̀ ni ìṣirò yìí ti le jù. Bí oníṣòwò bá jẹ́ aṣojú tó ń bá ẹlòmíràn ra ọjà, mílíọ̀nù 1.25 nìkan ni tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òun ló ra kòkó náà fún ara rẹ̀, tó wá tà á fún ará Àkúrẹ́, gbogbo mílíọ̀nù 40 ni ọjà tó tà, iye ọjà rẹ̀ lọ́dún náà á sì di mílíọ̀nù 62.1. Orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn kọ́ ló ń yanjú èyí. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni pé: ta ló jẹ gbèsè bí kòkó bá jóná nínú àká? Bí owó kòkó bá já wálẹ̀ lẹ́yìn tí a ti rà á, ta ni àdánù kàn? Ṣé oníṣòwò lè tà á fún ẹlòmíràn tó bá san ju ti Àkúrẹ́ lọ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ará Àkúrẹ́ ló gbé ewu náà, tí owó tó ṣẹ́ kù sì ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀, aṣojú ni ẹni ti Ìlórò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, oníṣòwò ni, kó kéde gbogbo rẹ̀. Ìyàtọ̀ náà ní ìtumọ̀: lábẹ́ òfin 2019 tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 2024, ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 25 kò sí lára àwọn tó ń gba owó-orí orí ọjà lọ́wọ́ oníbàárà. Mílíọ̀nù 23.35 wà lábẹ́ ààlà náà, mílíọ̀nù 62.1 ti kọjá rẹ̀ jìnnà.

Ṣùgbọ́n èrè ńkọ́? Èyí ni ibi tí àṣìṣe ńlá máa ń wọlé láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Owó-orí ẹnikọ̀ọ̀kan dá lórí èrè, kì í ṣe lórí iye ọjà. Yálà a pe mílíọ̀nù 40 ní ọjà títà tàbí a pè é ní owó aṣojú, èrè inú rẹ̀ kò yí padà: mílíọ̀nù 38.75 lọ sọ́wọ́ àgbẹ̀, mílíọ̀nù 1.25 ló kù. Bí òṣìṣẹ́ bá fi mílíọ̀nù 40 kún ọjà, ó gbọ́dọ̀ fi mílíọ̀nù 38.75 kún owó tí a fi ra ọjà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìbuwó ló ń ṣe ti àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ń gbàgbé ti ìkejì, wọ́n sì ń fi bẹ́ẹ̀ sọ owó àgbẹ̀ di èrè oníṣòwò. Àpò mẹ́fà tí a kò kéde náà rí bẹ́ẹ̀: ọ̀fẹ́ kọ́ ni wọ́n fi bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Bí oníṣòwò kò bá ní ìwé tó fi rà wọ́n, ó tọ́ kí a fi èrè tó jẹ lórí àpò 40 ìyókù díwọ̀n wọn. Àmì tí ènìyàn lè fi mọ ìbuwó tí kò dára nìyí: pín èrè tí wọ́n bù sí iye kílò. Bó bá jáde pé oníṣòwò ń jẹ 5,000 náírà lórí kílò kan tí gbogbo ọjà mọ̀ pé 250 sí 500 ni èrè rẹ̀, owó ni wọ́n kà, wọn kò ka ọjà.

Ọdún méjì kan wà tí báǹkì fúnra rẹ̀ kò ṣe é gbára lé bó ṣe wà. Ní 26 oṣù kẹwàá 2022, Báǹkì Àpapọ̀ kéde pé òun máa yí owó 200, 500 àti 1,000 náírà padà, wọ́n sì fún àwọn ènìyàn ní gbèdéke láti kó owó àtijọ́ lọ sí báǹkì, ní ọjọ́ ìkẹyìn oṣù kìíní 2023, tí wọ́n sún sí 10 oṣù kejì, títí tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi dá a ní 3 oṣù kẹta pé owó àtijọ́ ṣì ń ṣe é ná. Owó tí ìyá kan ti ń kó pamọ́ lábẹ́ ẹní fún ọdún púpọ̀ wọ báǹkì láàrin oṣù mẹ́ta, nígbà mìíràn nínú àkáǹtì oníṣòwò tó gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí òun kò ní àkáǹtì. Ẹni tó bá ń ka sítétímẹ́ǹtì ìgbà náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé owó àtijọ́ ló ń wọlé bí owó tuntun. Ìgbà náà sì bọ́ sí àárín kòkó ńlá, ìdí nìyẹn tí a kò lè fi oṣù nìkan dá a mọ̀. Àpò nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́ kòkó. Nígbà tí Íńdíà ṣe irú rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2016, ìjọba wọn ní àwọn kò ní yẹ owó ẹnikọ̀ọ̀kan tí kò ju 250,000 rúpì lọ wò. Nàìjíríà kò fi irú ààlà bẹ́ẹ̀ lélẹ̀, ọdún mẹ́fà tí òfin fún òṣìṣẹ́ kò sì tíì tán lórí 2022 àti 2023.

Àtakò kan wà tó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò dáadáa, òun ni pé bí a bá ń gba àlàyé báyìí, gbogbo ènìyàn á kọ “ẹ̀bùn” tàbí “ẹ̀yáwó” sára owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Ìbẹ̀rù òfin tuntun ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ṣe bẹ́ẹ̀, títí tí Taiwo Oyedele, tó darí ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó-orí, fi ń tún un ṣàlàyé fún aráàlú pé owó tó wọ àkáǹtì kò di owó-iṣẹ́ nítorí pé ó wọlé. Èsì mi ni pé ohun tí a kọ sára owó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, kì í ṣe ẹ̀rí. Bí a bá pe owó ní ẹ̀bùn, a ó béèrè ẹni tó fi í ránṣẹ́, bóyá ó ní ohun tó lè fi ta ènìyàn lọ́rẹ, bóyá kòkó kankan sì lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. “Ẹ̀bùn” tí àpò mẹ́wàá tẹ̀ lé, ọjà ni. “Ẹ̀yáwó” tí a kò san kọ́bọ̀ kan padà nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tí kò sí ìwé rẹ̀, ṣòroó gbà. Ayẹ̀wò ọjà ń ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ bó ṣe ń ran oníṣòwò lọ́wọ́, nítorí ó rọrùn láti yí ọ̀rọ̀ tí a kọ sára álàátì padà, kò rọrùn láti yí àpò tí a ti fi èdìdì dè padà.

Àwọn mìíràn á ní àgbẹ̀ kì í fúnni ní rìsíìtì, àti pé àwọn oníṣòwò kan kò ní ọjà tí a lè wọ̀n. Ti àkọ́kọ́ kò lágbára tó bó ṣe ń dún. Ìwé kékeré tó ní ọjọ́, orúkọ àgbẹ̀, kílò, iye lórí kílò àti àtẹ̀ka tó fún ẹni tó bá wá wò ó ní ohun tó lè tọpa rẹ̀, pàápàá bí kílò inú rẹ̀ bá bá àpò tó lọ sí Àkúrẹ́ mu. Ti ìkejì lágbára jù ú lọ. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́sì ṣòwò ní Ìjerò tàbí Ẹ̀fọ̀n kò ní àpò. Owó ni ọjà rẹ̀. Síbẹ̀ ó ní ẹlẹ́rìí kejì tirẹ̀: àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, tó ń ka iye ìgbà tí ó fún ènìyàn lówó àti owó iṣẹ́ tó gbà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Bí mílíọ̀nù kan bá ti ẹ̀rọ wọlé, tí ó sì fún àwọn ènìyàn ní ohun tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan lọ́wọ́, ìyàtọ̀ àárín wọn ni òwò rẹ̀. Òwò tí kò bá ní ẹlẹ́rìí kejì rárá, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ owó lọ́wọ́, ni ọ̀nà yìí kò lè ràn lọ́wọ́ púpọ̀. Nípa irú rẹ̀, òṣìṣẹ́ kò ní ohun mìíràn ju òye tirẹ̀ lọ, ó sì yẹ kó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun méjì ló jáde láti inú gbogbo èyí. Ti oníṣòwò ni pé kó ya àkáǹtì owó olówó sọ́tọ̀ kúrò lára tirẹ̀, kó sì kọ ìdí owó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ọjọ́ tó wọlé, nítorí ohun tó rántí lónìí nípa oṣù kẹjọ, ó lè má rántí rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sí i, mílíọ̀nù 1.4 inú àpẹẹrẹ wa lè jẹ́ owó ẹ̀gbọ́n tó ta ilẹ̀, ṣùgbọ́n oníṣòwò ló san owó-orí rẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ owó-orí ni pé kó tó bu owó, kó fi àtẹ owó tí kò yé e ránṣẹ́ sí oníṣòwò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye, kó sì lọ mú ìwé àwọn tó ń yẹ kòkó wò wá kó tó gba èsì, kì í ṣe lẹ́yìn àtakò. Iṣẹ́ yẹn kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ kí owó tí a máa gbà kéré sí ohun tí báǹkì nìkan ì bá fi lélẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí ilé-ẹjọ́ kò ní dá padà ni, ó sì tún ti ọwọ́ ẹni tó fi àpò mẹ́fà pamọ́ jáde, ẹni tí ì bá fi ariwo “owó olówó ni” bo ó mọ́lẹ̀.